Ohun Tí Kò Sí Lára Káàdì Àlàájà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé mi ò gbéra ga lọ́dún yẹn, irọ́ ló pa. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́dà, ṣùgbọ́n tí àsìkò Hájì bá ti dé, mo máa ń gba ìsinmi, màá sì lọ sí Mẹ́kà láti bá wọn tọ́jú àwọn arìnrìn-àjò tó wá láti ilé. Yàrá méjì la gbà fún ìtọ́jú nínú ilé kan ní àdúgbò Ar-Rusaifah. Nínú gbogbo wa níbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Inú Excel ni wọ́n ti fi orúkọ àwọn arìnrìn-àjò ránṣẹ́ sí wa láti ilé. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnì kan wà nínú àpótí kan ṣoṣo: orúkọ, ọjọ́ orí, àìsàn, ìlú, kọ́mà ló pín wọn. A fẹ́ kọ àìsàn oníkálukú sára káàdì tí yóò fi kọ́rùn. Dókítà wa, bàbá àgbàlagbà tí kì í kánjú, ní ká jókòó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún mi. Bàbá kan láti Ìwó tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló wà ní ìlà kìíní. Mo tẹ “ìtọ̀ ṣúgà” sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo bọ́ sí àpótí ìsàlẹ̀, mo tẹ Ctrl pẹ̀lú E. Flash Fill ni wọ́n ń pè é: ẹ̀rọ á wo àpẹẹrẹ tí ènìyàn fún un, á sì fi ṣe ìyókù. Wàràwàrà ni àìsàn gbogbo èrò tò sílẹ̀ látòkè délẹ̀.

Dókítà bi mí pé ṣé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Mo wo bí ìlà mẹ́wàá lókè, gbogbo rẹ̀ péye, ni mo bá tẹ káàdì jáde, a sì pín in.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, láàárọ̀, wọ́n gbé Àlàájà kan wá. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀, ara rẹ̀ gbóná. Dókítà wo káàdì rẹ̀, wọ́n ní kí n fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì. Mo fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, mo nu ibi tí màá gún. Mo wá bi í, bí mo ṣe máa ń bi gbogbo ènìyàn, bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà.

Kò la ojú. Ó fọwọ́ lu káàdì tó wà láyà rẹ̀. “Ó wà níbẹ̀, ọmọ mi. Wò ó.”

Mo wò ó. “Ẹ̀jẹ̀ ríru” nìkan ni mo rí. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo sì lọ ṣí àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé. Ẹ̀jẹ̀ ríru, kọ́mà, ara rẹ̀ kì í gba pẹnisílìnì, kọ́mà, Ìwó.

Mo rò pé àìsàn ni mo ní kí ẹ̀rọ yẹn bá mi wá. Kí ló mọ̀ nípa àìsàn? Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo fún un, ohun tó sì rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kó mú ohun tó wà láàárín kọ́mà kejì àti ìkẹta. Ohun tó mú náà nìyẹn fún gbogbo èrò. Ẹni tí wọ́n bá kọ oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà tẹ̀ lé àìsàn rẹ̀, ẹ̀yìn kọ́mà kẹta ni oògùn yẹn bọ́ sí, ẹ̀rọ ò sì dé ibẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn láàárín ìlà mẹ́wàá tí mo wò.

Mo sọ fún Dókítà. Wọn ò bá mi wí, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n pààrọ̀ oògùn Àlàájà, wọ́n fa àga wá, a sì jọ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́fà mìíràn ló wà níta pẹ̀lú káàdì bẹ́ẹ̀. Mo pe àwọn olórí èrò lórí fóònù títí ohùn mi fi há. A rí márùn-ún nínú ilé tí wọ́n wọ̀ sí. Ẹnì kẹfà ti lọ sí Haram, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, fóònù rẹ̀ ò sì wọlé. Gbogbo ìgbà tí fóònù mi bá dún, mo máa ń rò pé wọ́n ti gbé e dé ibi tí ẹnì kan ti ka káàdì mi, tó sì gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ó ní kí ló dé tí gbogbo ayé ń wá òun. Ọwọ́ ni mo fi kọ káàdì tuntun fún un.

Mo wá lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àlàájà. Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ṣe káàdì náà, pé ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kò sí níbẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ káàdì náà lọ́rùn, ó yí i síwá sẹ́yìn lọ́wọ́. Ó ní òun ò mọ̀wé.

“Láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ yẹn ti fẹ́ pa mí nílé lọ́hùn-ún,” ó ní, “kò sí nọ́ọ̀sì tí mi ò kì í fẹnu ara mi sọ ọ́ fún kó tó fọwọ́ kàn mí. Ọjọ́ tí ẹ fi eléyìí kọ́ mi lọ́rùn ni mo dákẹ́.”