Ìbéèrè Tí N Kò Bi Í

Ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí mo máa ń pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Oǹdó. Ojú ewé méjì péré ni. Mo to àwọn gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orí kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, bí wọ́n á ṣe so ìpínrọ̀ kan mọ́ èkejì, àti bí wọ́n á ṣe kádìí ọ̀rọ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo fi pín in. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e, báírò pupa mi máa ń kí i káàbọ̀. Tíṣà tó le ni mí, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ sáńwíìsì ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti ń ṣe tíṣà, tí wọ́n máa ń wá kàwé nígbà tí iléèwé wọn bá gba họlidé. Ìgbàrà-Òkè ló ń gbé. Iléèwé aládàáni kan ní Ipogun ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Ó ti lé lógójì ọdún. Ẹni tó ni iléèwé náà ti sọ fún un pé bí kò bá mú sátífíkéètì wá kí wọ́n tó wọlé sáà tuntun, kó jókòó sílé. Pírójẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù kó tó gba sátífíkéètì náà, iṣẹ́ ìwádìí lórí ìdí tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò fi lè kàwé.

Lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé ti sú wa. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ orí ọ̀rọ̀ sínú fóònù, kó tó mu omi tán, ẹ̀rọ á ti kọ ojú ewé mẹ́wàá fún un. Inú ń bí mi. Lójú mi, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí ẹ̀ka wa wá rí ẹ̀rọ mìíràn, tí wọ́n ní ó máa ń dá iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ pé ká gbà á. Èmi náà ni mo kọ òfin rẹ̀: iṣẹ́ yòówù tó bá sọ pé ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tí ẹ̀rọ kọ, òdo ni, kò sí àròyé.

Iṣẹ́ obìnrin yìí gba mẹ́tàlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fún un ní òdo.

Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàsán, Ma. Èmi ni mo kọ ọ́, Ma. Mo kọ́kọ́ fọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó gbé e fún àwọn tó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà wà nílé. Ẹ jẹ́ kí n mú un wá.”

“Ta ni kò lè da ohun tó wà nínú fóònù kọ sínú ìwé?”

“Ẹ bi mí léèrè nígbà náà, Ma. Ibi yòówù tó bá wù yín nínú ẹ̀.”

“N kò ráyè. Ẹ̀rọ kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá.”

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. “Mò ń lọ ulé, Ma,” ló wí. Yorùbá inú ìwé làwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bá mi sọ. Tí ẹnu ìlú wọn bá já jáde bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ọkàn wọn ti dàrú. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn náà. Mo fa ìwé ẹlòmíràn yọ, mo ń máàkì lọ.

Bàbá mi máa ń sọ pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi tilẹ̀ gbọ́ tènìyàn kankan? Tẹ̀rọ ni mo gbọ́.

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, ọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa sì máa ń bá mi wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó láràárọ̀. Èsì ìdánwò ti jáde tán kí n tó sọ fún un nípa àwọn tí mo mú. Mò ń fọ́nnu ni. Bí a ṣe kọjá Òwènà ló yíjú sí mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ma, ẹ bá mi wá nǹkan tí ẹ̀yin fúnra yín kọ láyé àtijọ́.”

Mo mú ìwé tí mo fi gba dìgírì kejì wá. Tapuráítà la fi tẹ̀ ẹ́, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó gbọ́ nípa ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé. Ó tẹ ojú ewé díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ wa. Máàkì tí ẹ̀rọ fún mi ju ti obìnrin yẹn lọ.

Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. N kò mọ ibi tí mo lè gbójú sí.

“Ẹ̀rọ yìí ò mọ ẹni tó kọ̀wé, Ma,” ló wí. “Ó kàn ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ rọrùn láti fọkàn rò tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń tò ó bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, pàápàá tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀, ó lè pè é ní ẹ̀rọ. Ẹni tó sì lo ẹ̀rọ gan-an, tó tún un kọ, tó da àṣìṣe díẹ̀ sí i, ó lè kọjá. Ti ẹni tó jí ìwé ẹlòmíràn kọ, a lè fi ojú ewé tó ti jí i hàn án. Èyí ò ní ẹ̀rí kankan. Àfọ̀ṣẹ ni.”

Mo rántí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wọn tí ẹ̀rọ ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo kí i kú oríire, tí mo ní kó túmọ̀ àkòrí iṣẹ́ rẹ̀ fún mi, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pàsì pẹ̀lú máàkì tó dára.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n ní èsì tí a ti fọwọ́ sí kò ṣeé yí padà, àfi kí obìnrin náà wá tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe nígbà họlidé gígùn tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gba òfin tuntun tí mo kọ: a máa wo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó parí, akẹ́kọ̀ọ́ máa sọ irú ìrànlọ́wọ́ tó lò, olúkúlùkù sì máa jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a bi í léèrè. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ nìkan kò gbọdọ̀ gé ẹnikẹ́ni lulẹ̀ mọ́. Orí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni òfin náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìtìjú bò mí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ sí Ìgbàrà-Òkè. Iléèwé Ipogun ti gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń yan gààrí, ó jókòó sórí àpótí, èèpo ẹ̀gẹ́ kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó kí mi bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó fọ ọwọ́, ó wọlé, ó gbé ìwé náà jáde. Báírò ló fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó gé ibí, ó fi ọfà gbé tọ̀hún wá. Ohun tó lẹ̀ mọ́ inú èèpo ìwé náà ni ìwé pẹlẹbẹ mi, ojú ewé méjèèjì. Ó ti fi ìlà sí abẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó ti lò. Kò fo ẹyọ kan.

“Ṣé ẹ máa wá bi mí léèrè báyìí, Ma?”

N kò lè sọ pé rárá. Mo bi í pé kí ló dé tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò fi lè kàwé. Ó sọ fún mi nípa àwọn tó ń ti oko wá, àwọn tí oorun ń kùn kí wọ́n tó jókòó, ìwé kíkà kan ṣoṣo tí ọmọ mẹ́fà ń dì mú, ohun tó gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́, àti èyí tó ṣiṣẹ́. Kò wo ìwé. Nígbà tó dákẹ́, mo wo aago ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

“Ṣé mo pàsì, Ma?”

Mo ní ó pàsì. Ó gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti mọ̀.