Méjìlá Nínú Kí Ni?

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Èmi àti baba yẹn kò tíì mọra, pàápàá nígbà tí mo ń kọ́ni ní ìṣirò ní ilé-ìwé kékeré kan tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Koumassi Remblais, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ́ àwọn ọmọ, àmọ́ bí wọ́n bá jáde fún ìsinmi, Faransé àti Yorùbá ni wọ́n fi ń bú ara wọn.

Ọmọbìnrin kan wọ kíláàsì kejì girama kékeré wa nígbà tí sáà ti dé ìdajì. Rògbòdìyàn ìlú ló ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Faransé tó ń lọ tẹ́lẹ̀ pa. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní ọjà Treichville, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa: bí ọmọ náà bá fìdí rẹmi, ìsọ̀ ni yóò máa bá òun jókòó sí. Ọmọ náà ò fẹ́ ìsọ̀. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, ó sì ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹnu rẹ̀ yẹn.

Kì í ṣe ìdánwò ìparí nìkan ló ń gbé ọmọ lọ sí kíláàsì tó kàn nílé-ìwé wa. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé máàkì fún iṣẹ́ inú sáà. Ìdánwò kéékèèké kó àádọ́ta máàkì, iṣẹ́ àkànṣe kó ọgbọ̀n, wíwá sí ilé-ìwé déédéé kó ogún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tí kò bá ní tó àádọ́ta nínú ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì kò ní í jókòó ṣe ìdánwò ìparí.

Ọmọ náà yege nínú ìṣirò. Nínú sáyẹ́ǹsì, méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri fún un.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ dé sí yàrá àwọn olùkọ́, ó ti gbé báàgì ọmọ náà kọ́ èjìká. Ọ̀gá àgbà wà níbẹ̀, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀.

Bàbá náà yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ ṣé o, Madame. Ó ti gbìyànjú. Màá mú un lọ."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Madame, mo ní douze ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ní c'est bien, pé mo ṣe dáadáa! Níbí, mo tún ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Báwo ni mo ṣe wá fìdí rẹmi?"

Mo ní kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fún mi ní ìwé máàkì rẹ̀. Ìdánwò méjì ló wà níbẹ̀: méjìlá tí ọmọ náà gbé ti kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ wá, àti mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó gbà lọ́dọ̀ wa. Ó ti pa wọ́n pọ̀, ó pín in sí méjì, ó kọ mẹ́tàlélógún.

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, méjìlá yìí, nínú kí ni?"

"Àǹtí, ohun tí mo rí nínú ìwé wọn ni mo kọ."

"Ogún làwọn Faransé fi ń díwọ̀n ìdánwò! Àádọ́ta ni tiwa!"

Ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n gan-an ti Ìbàdàn dé. Kò tíì sí ọmọ tó gbé máàkì Faransé wá bá a rí. Méjìlá nínú ogún yóò di ọgbọ̀n nínú àádọ́ta.

Mo tún wo ibi wíwá sí ilé-ìwé, mo rí mẹ́wàá. Ọmọ tí kò pa ọjọ́ kan jẹ látìgbà tó ti dé! Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni ẹ̀gbọ́n ti ń ka ọjọ́ fún un.

Ó ní, "Kò sí níbí nígbà yẹn."

"Ta ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì kó wọlé?"

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní ọjọ́ tí ọmọ wọlé ni kí a ti máa ka tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, kò bínú, ó nà án sí ọmọ náà. "Wá ṣe é fúnra rẹ."

Ó nu imú, ó lọ sídìí pátákó. Ọgbọ̀n àti mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, pín in sí méjì: méjìlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ àkànṣe, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn ò yí padà. Wíwá sí ilé-ìwé, ogún. Ó fa ìlà sábẹ́ wọn, ó kọ mẹ́tàdínláàádọ́rin.

Bàbá rẹ̀ sún mọ́ pátákó. Ó wò ó pẹ́.

"Soixante-sept," ló fi Faransé kà á. Ó yíjú sí mi. "Nínú kí ni?"

Ọmọ rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Nínú ọgọ́rùn-ún, Bàbá."

Ó sọ báàgì kalẹ̀ láti èjìká, ó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́. "Kí lo wá ń dúró ṣe níbí? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti wà ní kíláàsì."