Ọjọ́ Kan Tó Ṣẹ́kù

Lábẹ́ afárá Sango ni mo ti ń ṣe òkúta orí sàréè. Iṣẹ́ yìí ti sọ ọkàn mi le. Mo lè kọ ọjọ́ ikú ènìyàn kí n tún máa jẹ gúgúrú lọ.

Obìnrin kan wá láti Ìtẹ̀lé, aṣọ iléeṣẹ́ bisikíìtì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kú. Oṣù ọmọ náà ò pé tí wọ́n fi bí i, dókítà sì ní kò ní lo ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ bá a láàyè, ìyá á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri. Báyìí, lánlọ́ọ̀dù fẹ́ kun yàrá.

“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọjọ́ ló lò. Ẹ bá mi kọ ọ́ kó tó pa rẹ́. Wọn ò jẹ́ kí n mọ sàréè rẹ̀, àbúrò ọkọ mi ló máa gbé òkúta náà lọ.”

Mo ní, “Ìyàwó, a kì í fi ọjọ́ kọ ọjọ́ orí. Ọdún, oṣù àti ọ̀sẹ̀ là ń kọ.”

Mo ṣírò rẹ̀ sórí pákó. Mo yọ ọdún kan, ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ ó lé márùndínláàádọ́rin. Ó ku márùndínlógóje. Mo ka oṣù kan sí ọgbọ̀n ọjọ́, mo yọ oṣù mẹ́rin. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo kọ ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó wo pákó náà pẹ́. “Bàbá, ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni. Ọjọ́ kan yòókù dà?”

Inú bí mi. Èmi kì í fẹ́ kí oníbàárà kọ́ mi níṣẹ́.

“Iye tó bá sún mọ́ ọn là ń kọ. Oṣù fúnra rẹ̀ kì í dọ́gba. Oṣù ojú ọ̀run kì í pé ọgbọ̀n ọjọ́ tán, bó bá yọ lẹ́ẹ̀méjìlá, ọdún ò tíì pé. Àwọn tó ṣe kàlẹ́ńdà wá ń fi ọjọ́ lé oṣù lórí kó lè bá ọdún mu. Òmíràn gba ọgbọ̀n, òmíràn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, oṣù kejì ò gbà ju méjìdínlọ́gbọ̀n lọ, àfi lọ́dún tí wọ́n bá bù kan sí i. Ọgbọ̀n tí mo lò yẹn, àfojúdá ni. Ọjọ́ kan ò jẹ́ nǹkan kan níbẹ̀.”

Kò bá mi jà. Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì.

“Ọjọ́ kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan ló pè mí ní màmá. Èwo lẹ yọ nínú wọn?”

Mo gbé pákó náà sílẹ̀.

“Bó bá di dandan kẹ́ ẹ yọ ọ̀kan, ẹ yọ èyí tó gbẹ̀yìn. Ara rẹ̀ gbóná láàárọ̀, mo fà á lé aládùúgbò lọ́wọ́, mo lọ síbi iṣẹ́. Kí n tó dé, ó ti lọ. Èyí nìkan ni mi ò fẹ́.”

Ó ṣe mí bíi kí n sunkún, mo sì sun ún. Mo nu pákó náà, mo sì gbẹ́ èyí sára máàbù: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọjọ́. Mi ò yọ ìkankan.