CV Mi Di Àwòkọ Gbogbo Ìkẹjà

Ọdún tí mo jáde ilé ìwé girama, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni, inú gbogbo èèyàn sì ń dùn. Wọ́n ní iṣẹ́ máa pọ̀ bí omi òjò. Bóyá ibòmíràn ni òjò náà ti rọ̀. Ní Agége tí à ń gbé, àwa tí à ń wá iṣẹ́ la pọ̀. Àràárọ̀ là ń tò sẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ìkẹjà, tí àwọn gáàdì á máa wò wá bí ẹni tó fẹ́ wá jí nǹkan kó.

Bàbá mi, tíṣà, ọmọ Èkìtì, gbà pé ìwé ẹ̀rí ló ń sọ̀rọ̀ fún èèyàn. Wọ́n ní kí n ṣáà mú èsì ìdánwò mi dání. Mo mú un dání, kò sọ̀rọ̀. Gáàdì kan ló wá là mí lóye. Ó ní ọ̀gá òun kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ní CV, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń sọ ẹni tó jẹ́, ibi tó kàwé dé àti iṣẹ́ tó ti ṣe rí. Mo wo ara mi. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, iṣẹ́ tí mo sì ti ṣe rí kò ju abọ́ fífọ̀ lọ.

Mo gba bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan lọ ní Ìkẹjà. Ọ̀gbẹ́ni tó ni ín ní kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti ìgboyà tó tó ti gómìnà. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó ní òun ní CV kan nílẹ̀ tó bá gbogbo èèyàn mu, kí n ṣáà mú orúkọ mi wá. Mo kà á. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ fẹ́ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n á ti dán ọpọlọ òun wò, kí òun lè lo ẹ̀bùn òun fún ìlọsíwájú ilé iṣẹ́. Ohun tó máa ń fi ìgbà ọwọ́-dilẹ̀ ṣe ni ìwé kíkà àti ìrìn àjò. Iṣẹ́ tí mò ń wá ni kíkó bísíkíìtì sínú páálí, ibi tó sì jìnnà jù tí mo dé rí ni Èkìtì, nígbà Kérésìmesì. Mo ní mò ń bọ̀.

Ìyàwó onílé wa ló gbà mí sílẹ̀. Kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Wọ́n pè mí jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo ti ṣe láìgba kọ́bọ̀. Mo ní kò sí. Wọ́n ní ṣé n kò jẹ́ nǹkan kan nílé ìwé? Mo ní mo jẹ́ pírífẹ́ẹ̀tì ìmọ́tótó, àmọ́ ilé ìyàgbẹ́ ni mò ń bójú tó, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ síwèé.

Wọ́n wò mí títí. "Àwọn tó ń fọ̀ ọ́, ta ló ń pín wọn?"

Mo ní èmi ni. Mo ní kíláàsì mẹ́fà ni mò ń pín iṣẹ́ fún, tí mò ń kọ orúkọ ẹni tó wá àti ẹni tó sá, tí mo sì ń lọ gba ọṣẹ àti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ igbákejì ọ̀gá ilé ìwé.

"Ìyẹn lò ń pè ní kò sí," ni wọ́n wí, wọ́n sì mú bírò.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fa ayé mi jáde lẹ́nu mi. Wọ́n rántí pé mo ti bá àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ rìn kiri àdúgbò nígbà àjẹsára rọpárọsẹ̀. Èmi ni mò ń gbé kúlà tí oògùn tútù wà nínú rẹ̀, tí mò ń fi íńkì sàmì sí ọmọ tó bá ti gbà á lọ́mọ ìka, tí mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé a ti dé ilé náà. Wọ́n kọ ọ́. Mo tún jẹ́ igbákejì olórí akọrin obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n kọ ìyẹn náà. Wọ́n ní nígbà tí mi ò tíì ṣiṣẹ́ olówó oṣù rí, ìwọ̀nyí ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ilé ìwé àti èsì ìdánwò mi. Lábẹ́ oyè kọ̀ọ̀kan, kí n kọ ibi tí mo ti ṣe é, ọdún tí mo ṣe é àti ohun tí mo ṣe gan-an, nítorí oyè láìsí iṣẹ́ ò yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kó má kọjá ojú ewé kan, kí irọ́ má sì wọ̀ ọ́. Fún àwọn tó máa jẹ́rìí sí mi, mo fẹ́ kọ bàbá mi. Wọ́n ní bàbá wo ló máa sọ pé ọmọ òun ò dáa? Mo kọ ọ̀gá ilé ìwé mi àti nọ́ọ̀sì àgbà, lẹ́yìn tí mo ti lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Mo gbé e padà lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ọ̀gbẹ́ni yẹn tẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ṣe ṣókí jù, pé ó yẹ kí n fi ìrìn àjò díẹ̀ sí i.

Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ló pè mí. Ọ̀gá tó ń gba òṣìṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin Ìjẹ̀bú tí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò, fojú wo ìwé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì bi mí bí mo ṣe ń mú àwọn géńdé ọkùnrin fọ ilé ìyàgbẹ́. Mo ní èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀, ojú á sì tì wọ́n. Ìdáhùn yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ gbà mí, kì í ṣe sí ìdí páálí bísíkíìtì, bí kò ṣe sí ọ́fíìsì tiwọn, kí n máa to fáìlì. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà kì í tì dáadáa, fáànù ibẹ̀ sì ń yí nígbà tó bá wù ú, àmọ́ bàbá mi sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti di ọ̀gá.

Nǹkan bí oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì pé a ń wá akọ̀wé kan fún ilé ìkẹ́rùsí. Ìwé rọ́ wọlé. Èmi ni mò ń já a. Èkíní jẹ́ pírífẹ́ẹ̀tì ìmọ́tótó. Inú mi dùn, mo ní iyì ti dé bá ilé ìyàgbẹ́. Èkejì náà jẹ́ pírífẹ́ẹ̀tì ìmọ́tótó, ó sì ti gbé kúlà àjẹsára. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, gbogbo wọn ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn ní Agége. Bí àwọn èèyàn yìí bá gbé kúlà lóòótọ́, ọmọ kan ì bá má ṣẹ́kù tí kò gba àjẹsára láti ibẹ̀ dé Abúlé Ẹ̀gbá. Ẹnì kan ò tilẹ̀ yí àdírẹ́sì padà, nínú yàrá wa ló ń gbé. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí láti òkè délẹ̀, tó sì jẹ́ igbákejì olórí akọrin obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí mo ṣíwọ́, mo gba bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ. CV mi wà lára ògiri, nínú férémù, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun pa orúkọ mi rẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà rí mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín ayọ̀.

"Sista, tìẹ ló ń gbéṣẹ́ wọlé jù," ló wí. "Àwọn oníbàárà mi ò fẹ́ ti àtijọ́ mọ́."

Mo ní ayé mi nìyẹn, kì í ṣe yunifọ́ọ̀mù. Ó ní kí n má bínú, òun á bá mi ṣe fọ́tòkópì lọ́fẹ̀ẹ́ nígbàkígbà. Bí wọ́n ṣe san owó ayé mi fún mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ̀gá mi. Mo rò pé wọ́n á da gbogbo ìwé náà nù. Wọ́n ní kí n pe gbogbo wọn wá. Wọ́n sì jókòó, wọ́n ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè ohun tó ń gbé nínú kúlà. Ẹnì kan ní omi tútù ni, kó má baà rẹ àwọn nọ́ọ̀sì. Òmíràn ní ti ṣọ́ọ̀kì, orúkọ òun lòun ń kọ sára ilẹ̀kùn. Ọ̀gá mi ò rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ó kan ọ̀dọ́mọkùnrin akọrin obìnrin. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kó tó jókòó, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. N kò gbé kúlà rí, n kò sì mọ orin kọ. Orúkọ mi nìkan ni wọ́n ní kí n mú wá."

Ọ̀gá mi bi í léèrè pé kí ló wá ti ṣe. Ó ní kò sí. Mo mọ "kò sí" yẹn. Wọ́n ní kó lọ kọ "kò sí" náà wá kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ṣẹ́jú sí mi pé kí n ràn án lọ́wọ́.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn gáàdì nígbà ìsinmi ọ̀sán. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá rẹ̀ ń rán aṣọ ní Agége. Bí ìyàwó onílé wa ṣe bi mí léèrè ni èmi náà ṣe bi í. Ó ní òun lòun ń lu aago nílé ìwé, láti aago ìpéjọ títí dé aago ìlọlé, àti pé òun lòun ń kọ orúkọ àwọn tó bá pẹ́ dé. Mo ní kó kọ ọ́, kó kọ ọdún tó ṣe é sí i. Ní ti mọ́ṣáláṣí, lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wà lára àwọn tó ń bójú tó bàtà àti omi àlùwàlá, tí wọ́n sì ń darí ọkọ̀ gba ọ̀nà mìíràn kí àwọn èèyàn lè kírun lálàáfíà. Nínú ààwẹ̀, òun ló ń pín oúnjẹ ìṣínu. Ó fẹ́ kọ pé akọ̀wé mọ́ṣáláṣí lòun. Mo bi í léèrè bóyá akọ̀wé ni. Ó ní rárá, àmọ́ ó dùn-ún gbọ́. Mo ní kó kọ bàtà. Ó fẹ́ fi bàbá rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, mo ní kó lọ bẹ lèmọ́ọ̀mù àti tíṣà rẹ̀. Ó sáré lọ, ó sáré dé, ó ní àwọn méjèèjì gbà. Ó fi ọwọ́ kọ ọ́ sórí ìwé funfun kan, ojú ewé kan péré, lẹ́tà rẹ̀ sì dúró ṣinṣin.

Ọ̀gá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní òun ni wọ́n máa mú. Ìwé náà lọ sókè sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà, ó sì padà wá. Iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àbúrò ìyàwó ẹnì kan tó lẹ́nu nílé iṣẹ́ náà, ẹni tí kò mú CV wá rárá. Ọ̀gá mi ní kí n ṣe ẹ̀dà ìwé ọmọ yẹn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn kan ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ní òdìkejì títì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló wá dúró dè mí ní géètì. Wọ́n ti gbà á sí ẹ̀ka tó ń kọ àkókò táwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé àti èyí tí wọ́n ń jáde. Ó ní owó ibẹ̀ kéré, wọn ò tíì fún òun ní àga, òun ń dúró ni. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ti kórìíra òun báyìí, torí òun kì í jẹ́ kí ẹni tó pẹ́ dé wọlé láìkọ orúkọ. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ìyẹn náà á wọ inú CV rẹ̀ tó bá ṣe, torí iṣẹ́ olówó oṣù nìyẹn. Ó dúpẹ́, ó sì sáré kọjá sí òdìkejì kí wọ́n má baà kọ orúkọ òun náà mọ́ àwọn tó pẹ́.