Lẹ́tà Ìdúpẹ́ Tí Corinne Kà fún Dókítà Tveit

Èmi Ardis Kvamme ni mo tẹ lẹ́tà burúkú yẹn. Mo tètè ń sọ ọ́ ni o, torí bí mo bá sọ ìtàn Corinne Bakke láìsọ ìyẹn, irọ́ ni mo pa. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó sídìí tábìlì iwájú ní ilé ìwòsàn ẹranko Dókítà Orrin Tveit ní Brandvold, ní Àríwá Dakota. Èmi ni mò ń gbé fóònù, èmi ni mò ń tẹ ohunkóhun tí Dókítà bá ní kí n tẹ̀. Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo ìlú ló mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi ẹnu yìí pa mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Corinne nígbà tó wọlé tọ̀ wá, pé òun fẹ́ máa fọ ilé ajá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, apá rẹ̀ sì gùn. Dókítà wo apá náà kí ó tó wo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ki ọwọ́ sínú màlúù tó ń rọbí mọ ohun tí irú apá bẹ́ẹ̀ wúlò fún. Kò pé ọdún kan tó fi di pé Dókítà kì í lọ sí oko kankan láìgbé e sínú ọkọ̀. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ṣéènì mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ màlúù lókè ọrùn ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fà á sísàlẹ̀ nígbà tí ìyá bá rọbí, tí wọ́n sì ń dúró nígbà tí ìyá bá dúró. Olùkọ́ ni Dókítà, mi ò ní fi ìyẹn du ú. Ó mọ̀ ọ́n kọ́ni.

Corinne lọ sí yunifásítì, ó padà dé, ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹranko. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ilé ẹ̀kọ́ náà ní kí dókítà tó bá ṣiṣẹ́ kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún òun, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí akẹ́kọ̀ọ́ má rí i. Dókítà pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó ń sọ, mò ń tẹ̀ ẹ́: pé Corinne ń ṣiṣẹ́ kára, ṣùgbọ́n kò lè dá pinnu nǹkan, pé bí ọ̀ràn bá le, ńṣe ló máa ń dúró de ẹni tó máa sọ fún un, pé iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ló bá a mu. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni ọmọ yìí dá gbẹ̀bí ìbejì màlúù nínú ìjì yìnyín, tí Dókítà kò lè rí ọ̀nà débẹ̀.

Mo ní, “Dókítà, ṣé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí?”

Ó ní, “Ardis, tó bá lọ, ta ló máa bá mi fa màlúù? Ìwọ?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run gbọ́ pé mo rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ ẹ́ parí. Ó buwọ́ lù ú. Nísàlẹ̀, mo fi OT sí i fún ẹni tó sọ ọ̀rọ̀, mo fi ak kékeré tẹ̀ lé e fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé àwọn akọ̀wé. Mo fi ẹ̀dà kan sínú dúrọ́ọ̀ onírin tí à ń kó fáìlì sí.

Ilé ẹ̀kọ́ náà kò gbà á. Corinne sunkún nínú ọkọ̀ Dókítà títí imú rẹ̀ fi pọ́n. Ó fẹ́ tún un ṣe lọ́dún kejì, Dókítà ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. “Ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ló ń sọ èèyàn di dókítà. Dúró tì mí. Màá kọ́ ẹ ní gbogbo ohun tí mo mọ̀.” Ó dúró tì í fún ọdún mọ́kànlélógún. Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé òun làwọn àgbẹ̀ ń béèrè lórí fóònù, àmọ́ nítorí kò ní ìwé àṣẹ dókítà, kò lè buwọ́ lu oògùn kankan, kò lè fi ọ̀bẹ kan màlúù. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti bàjẹ́ níbi màlúù fífà. Kò lè fi ọwọ́ yẹn ya irun orí ara rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Dókítà fẹ́ fẹ̀yìn tì, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Gbogbo ẹni tó bá ti jàǹfààní lára rẹ̀ á kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, ojú ewé kan péré. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá onírọ́bà, wọ́n á sì ka mẹ́ta sókè níbi oúnjẹ alẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n gba lẹ́tà jọ. Corinne ni wọ́n ní kó ka èyí tó gbẹ̀yìn.

Ó gbé tirẹ̀ wá fún mi: “Dókítà Tveit ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun fún gbogbo rẹ̀.” Ìlà mẹ́rin péré ló tẹ̀ lé e.

Mo kọ hàà. “Gbogbo rẹ̀ wo? Corinne, ẹni tó bá ta ẹyin fún ẹ náà, o lè kọ èyí sí i! Lẹ́tà ìdúpẹ́ kì í ṣe káàdì Kérésìmesì. Dárúkọ ọjọ́ kan. Sọ ohun tó ṣe, sọ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹ̀ jáde gan-an. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tí ìwọ ṣe nítorí ẹ̀, àti ibi tí ìyẹn gbé ẹ dé lónìí. Má pọ́n ọn lé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló máa pọ́n ọn lé.”

“Ẹ̀yin náà ẹ fẹ́ràn àṣẹ pípa, Ardis.”

“Kọ ọ́, jàre.”

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé òmíràn wá, ojú mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi. Ó kọ nípa màlúù kan tí ilé ọmọ rẹ̀ yọ síta. Dókítà gba ṣúgà lọ́wọ́ ìyàwó olóko, ó dà á sórí ilé ọmọ náà kí wíwú rẹ̀ lè lọlẹ̀, ó sì ní, “Má bá a jà, Corinne. Dúró dè é.” Ó kọ pé láti ọjọ́ náà, òun kì í fi ipá ṣe ohun tí sùúrù lè ṣe, títí kan ọ̀rọ̀ ìyá òun tó ṣàìsàn ọdún mẹ́fà.

“Ó ku ìpínrọ̀ kan,” ni Corinne wí. “Lẹ́tà ìjẹ́rìí tó kọ fún mi. Wọn ò gbà mí, àmọ́ ó jókòó kọ ọ́. Mo fẹ́ fi ọjọ́ tó kọ ọ́ sí i. Ṣé ẹ̀dà ẹ̀ ṣì wà?”

Mo ní, “Wọ́n ti dáná sun àwọn fáìlì àtijọ́ yẹn.”

“Áà. Ó mà ṣe o.”

Ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ Ajé, mo tètè dé, mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo rí ìwé náà níbi tí mo fi í sí. Mo fà á ya wẹ́wẹ́, mo kó o sínú iná sítóòfù tó ń mú ilé gbóná. Ara tù mí. Mo tiẹ̀ kọrin. Mo gbàgbé pé Corinne ní kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ náà tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ náà ni ìwé abẹ́rẹ́ àwọn màlúù wà, àti pé òun ló máa ń wá fún àwọn ajá lóúnjẹ lọ́jọ́ Sátidé.

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Ọ̀dùnkún àti ẹran lílọ̀ tí wọ́n yan wà lórí tábìlì, kọfí ń hó. Wọ́n ka lẹ́tà méjì, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Corinne dìde. Ó ka ọ̀rọ̀ ṣúgà, àwọn obìnrin nu ojú. Ó wá yí ojú ewé náà sẹ́yìn.

“Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, ẹ kọ lẹ́tà nípa mi. Ẹ ní, ‘Kò lè dá pinnu nǹkan. Ńṣe ló máa ń dúró de ẹni tó máa sọ fún un.’ Nítorí lẹ́tà yẹn, mi ò lọ. Nítorí mi ò lọ, mo ti fa ọmọ màlúù tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, èjìká mi sì ti lọ. Ibi tí mo wà lónìí, ẹ̀yin lẹ gbé mi dé ibẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ardis Kvamme pẹ̀lú, orúkọ ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé náà, ak kékeré. Òun ló kọ́ mi pé kéèyàn dárúkọ nǹkan.”

Ó jókòó. Ẹnìkan pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì bá a pàtẹ́wọ́, nítorí lọ́dọ̀ wa, bí ẹnìkan bá kàwé tán, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ni. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Ó yàtọ̀ o.” Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ nílùú wa, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Wọ́n sì tún bu kọfí sí i.

Nídìí kọfí, Dókítà lọ bá a. Mo wà lẹ́yìn wọn. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni. Ó gba ojú ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó ní, “Corinne, ọdún mọ́kànlélógún. O lè tún un ṣe lọ́dún kejì. O lè tún un ṣe lọ́dún kẹta. Mo ní kó o dúró, o sì dúró. Kí wá ni mo kọ tí kì í ṣòótọ́?”

Ìkà ọkùnrin! Corinne gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Mo rí i pé ó gbà á gbọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, káàdì dé láti ọ̀dọ̀ Dókítà fún gbogbo ẹni tó kọ lẹ́tà, bó ṣe yẹ. Ohun tó kọ sí tèmi náà ló kọ sí ti Corinne: “O ṣeun fún ọ̀rọ̀ rere rẹ.”

Mo bá Corinne níbi tó ti ń fọ ṣéènì màlúù pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Mo ti sunkún láti ilé.

Mo ní, “Corinne, jọ̀ọ́, má bínú. Dárí jì mí fún gbogbo rẹ̀.”

Kò gbé ojú sókè. “Gbogbo rẹ̀ wo, Ardis? Ẹ dárúkọ ẹ̀.”

Mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn, nípa ìwé tí mo fi sínú sítóòfù, nípa orin tí mo kọ. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo dúró síbẹ̀, omi ń dà lórí ṣéènì. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó gbé e kọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.