Ìwé Ilé Tó Wà ní Ìpamọ́

Nígbà tí lọ́yà ẹni tó fẹ́ ta ilé fún ìyá mi sọ pé ilé náà "mọ́ tónítóní", mo wo ojú rẹ̀ bóyá yóò fi nǹkan kan kún un. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó sì ti bébà kan sọ́dọ̀ ìyá mi lórí tábìlì. Ẹ̀dà C of O ni, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí sí i pé ẹnì kan ló ni ilẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Okokomaiko, lókè àwọn tó ń ta táyà. Ariwo ọ̀nà Badagry ń gba ojú fèrèsé wọlé, nítorí náà ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wàásù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "kí ni ẹ fi mọ̀ pé ó mọ́?"

Ìyá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ah-ah! Gírádúéètì! Kí lo kà ní yunifásítì?"

"Sitatísíìkì, sà."

"Ó dáa. Ìwọ máa bá wa ka orí èèyàn, kí n máa bá yín ka ìwé òfin."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí kò tíì dáhùn ohun tí mo bi í.

Láti ìgbà tí àwọn òbí mi ti kó wá sí Èkó láti ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé onílé ni a ń gbé. Ìyá mi ń ta ike àti abọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí bàbá mi kú, ó kó owó tí iléeṣẹ́ bàbá mi san fún un pọ̀ mọ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti ń tọ́jú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ilé ni yóò fi rà. Bí owó yẹn bá bọ́ sọ́nù, a kò ní òmíràn, ìyá mi kò sì tún ní okun tí yóò fi wá a.

Alhaji tó ń ta ilé náà kì í ṣe àjèjì sí i. Tẹlifíṣọ̀n ló ń tà ní Alaba tẹ́lẹ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ni ìyá mi ti kọ́kọ́ ń pàtẹ ọjà nígbà tí kò tíì ní ibì kankan. Ó ti dàgbà báyìí, ó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fẹ́ ta ilé rẹ̀ tó wà ní Iba. Ilé ilẹ̀ ni, ó pín sí ọ̀nà méjì, wọn kò tíì kun ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n omi kì í dúró lágbàlá rẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Ìyá mi ti yan yàrá tí yóò sùn kí a tó rí lọ́yà kankan.

"Alhaji ò lè rẹ́ mi jẹ," ó sọ fún mi bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́yà náà.

"N ò sọ pé wọ́n fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Mo ní kò sẹ́ni tó tíì fi ẹ̀rí hàn wá."

"Ìwọ àti ẹ̀rí yìí. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ gbéyàwó, o ò ní gba ìyàwó láìsí ẹ̀rí."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà kí a gba lọ́yà tiwa. Obìnrin kan ni, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ojo, kò jìnnà sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dé òpin, ó wá ní, "Mummy, ẹ má san kọ́bọ̀, ì báà jẹ́ àsansílẹ̀." Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí lọ́yà Alhaji. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fojú rí ojúlówó C of O náà, pẹ̀lú ìwé sọ́fè àti rìsíìtì owó tí wọ́n ń san fún ìjọba lórí ilé. Ó tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí gbèsè, ẹjọ́ tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lórí ilé náà. Kò dúró de èsì wọn kó tó rán ènìyàn lọ sí Alausa láti yẹ ìwé ilẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì ní kí wọ́n wò ó ní kóòtù bóyá ẹjọ́ kan wà.

Lọ́yà Alhaji kò fèsì kíákíá. Ìyá mi ló ń pè lórí fóònù. Ó ní ẹnì kan tó wà lókè òkun ti ń béèrè ilé náà, pé òun kàn ń tì í sẹ́yìn nítorí ìyá mi ni. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Bí oníbàárà yẹn bá wà lóòótọ́, tí owó rẹ̀ sì ti ṣe tán, kí ló dé tí lọ́yà ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lórí àwa tí a ń da ìbéèrè bò ó? Ìyá mi kì í rò ó báyẹn. Oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́. Ó ní bí ilé náà bá bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, èmi ni òun máa bi.

Nígbà tó yá, èsì dé láti Alausa. Orúkọ Alhaji ló wà lórí ilẹ̀ náà, kò sí báńkì tó forúkọ gbèsè sílẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀. Kóòtù náà kò rí ẹjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni lọ́yà Alhaji kọ̀wé pé kò sí ohunkóhun tó de ilé náà. Ó fi ẹ̀dà C of O kan sínú rẹ̀, èyí tí ìjọba lu òǹtẹ̀ sí pé ó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn mu. Ní ti ojúlówó, gbólóhùn kan péré ló kọ: ó wà ní ìpamọ́.

Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọ́fíìsì lọ́yà wa.

"Mummy, ẹ rọra," lọ́yà wa ní. "Ohun tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Alausa ni Alausa lè fi hàn wá. Ẹni tó bá gbé ìwé ilé rẹ̀ fún ẹlòmíràn lábẹ́lẹ̀ kò ní lọ sọ fún ìjọba."

Ohun tó ń jẹ èmi náà lọ́kàn nìyẹn. Ẹni tí ojúlówó wà nínú àpótí rẹ̀ kì í lọ sanwó kí wọ́n lè fún un ní ẹ̀dà olóǹtẹ̀. Bóyá ìwé náà ti sọnù, àmọ́ bó bá sọnù, wọn ì bá ti kó ìwé ọlọ́pàá àti ti ìbúra wá. Bí kò bá sì sọnù, ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Lọ́yà wa ní kí gbogbo wa pàdé, kí Alhaji fúnra rẹ̀ sì wá.

A pàdé ní Okokomaiko. Alhaji dé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi, ó sì béèrè ọjà. Lọ́yà wa béèrè ojúlówó. Lọ́yà tirẹ̀ ní, "Mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mádàámù. Ó wà ní ìpamọ́. Bí ẹ bá ti san àsansílẹ̀, ẹ máa rí i."

Mo yíjú sí Alhaji. "Bàbá, ẹ má bínú. Ta ló ń bá yín pa á mọ́?"

"Ẹgbẹ́ wa ni," Alhaji ní. Kò tilẹ̀ dúró rò ó. "Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Alaba."

"Alhaji," lọ́yà rẹ̀ ní, "ẹ jẹ́ kí n..."

"Kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́ níbẹ̀? Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ gba owó tó tóbi, á gbé ìwé ilé rẹ̀ wá, akọ̀wé á bá a pa á mọ́ títí tó fi máa san tán."

"Ṣé ẹ ti san tán, sà?" lọ́yà wa béèrè.

"Ó kù díẹ̀. Owó Ìyá Oníke ni mo fẹ́ fi parí ẹ̀."

Ìsàlẹ̀ ni ẹnì kan ti ń lu irin táyà, gbà, gbà, gbà. Lọ́yà Alhaji ń tún báìrò rẹ̀ tò.

"Ẹ sọ fún mi pé kò sí gbèsè lórí ilé," ló sọ níkẹyìn.

"Báńkì lẹ bi mí! Ẹ ní, ṣé mo fi ilé yáwó ní báńkì. Mo ní rárá. Ta ni kò mọ̀ pé n kì í bá báńkì ṣe?" Alhaji yíjú sí ìyá mi. Inú rẹ̀ ti bàjẹ́. "Ṣé ẹgbẹ́ tí èmi náà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lẹ wá ń pè ní gbèsè?"

Mo gbà á gbọ́. Ó dá mi lójú pé lójú rẹ̀, ìwé tó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kò yàtọ̀ sí ìwé tó wà nílé. Lọ́yà rẹ̀ ni n kò gbà gbọ́. Ẹni tó mọ̀ pé kí òun kọ "ní ìpamọ́" sínú lẹ́tà ti béèrè ibi tí ó wà, tàbí kó mọ̀ọ́mọ̀ má béèrè. Títí di òní n kò mọ èwo ni.

Lọ́yà wa ṣàlàyé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ìyá mi bá sanwó, tí nǹkan kan sì ṣẹlẹ̀ tí owó ẹgbẹ́ kò pé, ẹgbẹ́ kò ní gbé ìwé sílẹ̀, ilé tí ìyá mi rà ni wọ́n sì máa wá dù mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́yà Alhaji ní kí a kúkú san ìdajì fún òun, òun á lọ bá wọn yanjú ẹ̀.

Ìyá mi ni mo rò pé yóò gbà. Àmọ́ ó ti báàgì rẹ̀ pa.

"Alhaji, ẹ ti ṣe mí lóore rí, n ò gbàgbé," ó ní. "Ṣùgbọ́n owó ọkọ mi tó kú ló wà nínú èyí. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ yín ni n ó ti san án, níbi tí ìwé bá wà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tà á fún ará òkè òkun."

Alhaji dìde, kò dágbére. Ó pẹ́ kí a tó gbúròó rẹ̀, ìyá mi kò sì dá mi lẹ́bi, èyí tó ṣòro fún mi ju ìbínú lọ. Nígbà tó pè, òun fúnra rẹ̀ ló pè, ó ní òun gbà kí a wá sanwó náà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ará òkè òkun mọ́.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Alaba ni a ti parí rẹ̀. Lọ́yà wa kò gba lẹ́tà tí akọ̀wé nìkan fọwọ́ sí. Alága àti akápò ní láti fọwọ́ sí i pé wọn kò ní ẹ̀tọ́ kankan mọ́ lórí ilé náà. Gbèsè tó kù lọ tààrà sí àkáǹtì ẹgbẹ́, èyí tó ṣẹ́kù lọ sí ti Alhaji. Akọ̀wé gbé ojúlówó jáde, mo sì ń fi nọ́ńbà rẹ̀ wé èyí tó wà nínú èsì Alausa, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bá mu.

"Ìyá, ẹ kúkú wọ ẹgbẹ́ wa," akọ̀wé ní, "kí ìwé yìí má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rìnrìn àjò."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Alhaji náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè lọ́wọ́ lọ́yà wa bóyá ó ti parí.

"Ó ku ìyọ̀ǹda gómìnà, Mummy, kó fọwọ́ sí i pé ilé ti di tiyín. Títí ìyẹn á fi jáde, a ò tíì parí."

"Ẹ tún lẹ́tà ẹgbẹ́ yẹn kà sí mi létí," ìyá mi ní. "Ẹ rọra kà á."