Ariwo Tó Wà Nínú Lesson Plan Mi

Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ kiri pé mo rí VP ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni fín. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ṣé ẹni tó fọwọ́ sí ariwo náà ló tún yẹ kó gbé pàṣán wá torí ariwo? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí inú tó tún bí mi débi tí n ò ní lè sọ̀rọ̀.

Ilé ìwé aládàáni ni, ní Mushin níbí, ilé gbígbé kan tí wọ́n fi plywood pín sí kíláàsì. Bẹ́nì kan bá sín ní JSS2, ẹni tó wà ní SS1 á kí i ní pẹ̀lẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn JSS3. N ò lọ college kankan o. Orí fóònù àti ìwé àlòkù tí mo rà ní Yaba ni mo ti kọ́ tèmi. VP mọ̀, ìyẹn ló ṣe máa ń pè mí ní "Àǹtí Google," á sì wá rẹ́rìn-ín ara ẹ̀.

Àwọn ọmọ yẹn ju àádọ́rin lọ nínú yàrá kan ṣoṣo. Bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba ẹni mẹ́ta, márùn-ún ló fún ara wọn mọ́ ọn. Tó o bá fẹ́ dé ẹ̀yìn, àfi kó o máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Tíṣà tó wà níbẹ̀ kí n tó dé, ṣe ló máa ń kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, wọn á ké e tẹ̀ lé e, ó tán. Wọ́n á ké e dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi í tọrọ omi.

Torí òfin ilé ìwé yẹn ni pé kíláàsì tó bá dákẹ́ ni tíṣà ẹ̀ mọṣẹ́. Monitor á kọ orúkọ àwọn tó pariwo, VP á sì wá nà wọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọlé. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kọ́ èdè pẹ̀lú ẹnu pípadé?

Ọmọbìnrin kan wà ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú un wá bá ìyá ẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ la ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Ará òkè ti dé o!" Látìgbà yẹn, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Tí mo bá pè é, á kàn máa wo tábìlì. Torí òun gan-an ni mo ṣe kọ lesson plan yẹn.

First conditional, gbólóhùn *if* àti *will*, ni topic ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo jókòó, mo rò ó. N ò lè pín wọn sí group, ibo ni mo fẹ́ gbé bẹ́ǹṣì sí? N ò lè máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, agogo á lù ká tó dé àárín. Ni mo bá kọ ọ́ pé bẹ́ǹṣì kìíní á yí padà kọjú sí bẹ́ǹṣì kejì, ìkẹta á kọjú sí ìkẹrin, títí dé ẹ̀yìn. Gbogbo wọn á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí gbólóhùn ẹnì kan bá parí sí, ibẹ̀ lẹni tó kọjú sí i á ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Tí mo bá nawọ́ sókè, kálukú á dákẹ́, wọ́n á wá kọ gbólóhùn mẹ́ta mẹ́ta sínú ìwé, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ gbàgàdà pé ariwo á wà ní Step 3.

Mo gbé e lọ fún VP lọ́jọ́ Monday, torí o ò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan tí kò tíì fọwọ́ sí. Ó wà lórí fóònù. Ó ṣí i, ó fi bírò pupa kọ "Seen," ó sáìn, ó tì í padà sí mi. Kò wo Step 1, ká má tiẹ̀ wá sọ Step 3.

Mo wọ kíláàsì. Mo kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù: *If it rains tonight, our street will flood.*

"Ṣé òjò ti rọ̀?"

"Rárá, Àǹtí!"

"Ṣé ó lè rọ̀?"

"Ní Mushin yìí kẹ̀? Ó máa rọ̀ ni!"

Mo ní ó dáa, nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ là ń sọ. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀, ìyẹn á tẹ̀ lé e. Mo fa ìlà sábẹ́ *rains*, mo ní bó tilẹ̀ jẹ́ alẹ́ òní là ń sọ, ẹ ò ní fi *will* sí ẹ̀gbẹ́ *if*. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni *will* ń gbé, *flood* á sì tẹ̀ lé e lásán, láìfi nǹkan kan kún un.

Ni mo wá kọ èkejì, èyí tó kó bá mi: *If you speak, nobody will beat you.*

Ọmọkùnrin kan níwájú wò mí. "Àǹtí, ṣé àpẹẹrẹ ni àbí òótọ́?"

Mo ní, "Òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní kí wọ́n kọjú síra wọn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Yé! Ẹ ò rí ariwo. Yàrá náà hó. *If our street floods, I will not come to school. If I don't come to school, I will sleep. If I sleep, my brother will eat my rice.* Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń já ara wọn gbà, Gẹ̀ẹ́sì ni o! Mo bá gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn, ó ga ju tìyókù lọ: "If the road floods, my mother will carry me on her back!"

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti dìde dúró. Àwọn tó kọjú sí i pàtẹ́wọ́: "O ti dàgbà jù, ó máa jù ẹ́ sílẹ̀ ni!" Òun náà bú sẹ́rìn-ín.

N ò tíì nawọ́ sókè tí ilẹ̀kùn fi ṣí gbà. VP. Pàṣán lọ́wọ́.

"If I hear one more voice, I will flog this whole class!"

Kálukú yára yíjú síwájú. Ọmọkùnrin iwájú yẹn wá rọra sọ pé, "Correct, sà." Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín. Ó parí.

Ojú VP pọ́n. Ó wò yíká, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ló ṣì wà lórí ìdúró. "Ìwọ, jáde síbí. Ìwọ lo dá ọjà sílẹ̀ níbí?"

Ọmọ náà ń fún ara ẹ̀ kọjá láàárín bẹ́ǹṣì. Kò wo VP. Bọ́ọ̀dù ló ń wò, ó wá yíjú, ó wò mí.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Iṣẹ́ tí mo fún wọn ni wọ́n ń ṣe."

"Iṣẹ́ wo? Ṣé Google ló ní kí wọ́n máa ké bí ọlọ́jà?"

"Ó wà nínú lesson plan mi, sà. Step 3. Ẹ̀yin lẹ sáìn ín."

"Èmi?"

"Ẹ sáìn ín, ẹ ò kà á ni."

Gbogbo kíláàsì ní, "Ééé!"

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi. Ojú VP kúrò lára ọmọ yẹn, èmi ló kọjú sí. Ọmọ náà fi ẹ̀yìn rìn padà lọ sáyè ẹ̀. VP gba chalk lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ nu bọ́ọ̀dù, ibi *nobody will beat you* ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n lọ kó bàgì mi, ilé ìwé yìí ò nílò ẹni tí kò níwèé tí kò tún lẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn tíṣà yòókù sin mí dé gate, wọ́n ń sọ pé, "Ṣebí ò bá ti rọra. Ò bá ti dákẹ́ níbẹ̀, kó o wá lọ bẹ̀ ẹ́ ní office." Kí n lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó bá ti na ọmọ yẹn tán? Ọmọ tí mo ní kó sọ̀rọ̀, tó sọ̀rọ̀, tí wọ́n wá nà níwájú àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìgbà wo ló tún máa lanu?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí, ẹ má purọ́ fún mi. Ká ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, tọ́mọ yẹn yíjú tó wò yín, ṣé ẹ máa dákẹ́?